Ọ̀fẹ́ Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà Ń Jẹ Èrè Onídìrí

Mi ò gbà pé ọ̀fẹ́ ni oore tó dára jù tí onídìrí lè ṣe fún oníbàárà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò bá mi jiyàn. Láàárín àwọn ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ irun ládùúgbò wa ní Ìbàdàn, ohun tó gbòde ni káàdì: ẹ wá lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kẹfà di ọ̀fẹ́. Ìyá mi náà tẹ tiwọn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, èrò ń kún ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ owó ilé kò pé, wọ́n sì ní láti dá ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ méjì dúró. Èmi ni mo máa ń bá wọn kọ ìwé owó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi jà.

Ẹ jẹ́ ká mú fífọ irun àti sísẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gba ₦4,000 lé lórí. Ṣámpù, kọndíṣọ́nà àti ìpara kó ₦900. Epo jẹnẹrétọ̀ tí dráyà ń lò kó ₦500. Ọmọṣẹ́ gba ₦1,000. Ó ku ₦1,600, inú rẹ̀ sì ni owó ilé àti oúnjẹ wa ti ń jáde.

Oníbàárà tó sanwó lẹ́ẹ̀marùn-ún fi ₦8,000 sílẹ̀ fún wa. Nígbà tó wá gba ọ̀fẹ́ rẹ̀, ₦2,400 jáde lápò wa, ó ku ₦5,600. Bó bá sanwó lẹ́ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni, ₦9,600 ni à bá ní. Lójú ẹni tó ń wo káàdì, ìdá kan nínú mẹ́fà ni a fi tọrẹ. Nínú ìwé owó, ó ju ìdá méjì nínú márùn-ún èrè wa lọ, nítorí pé inú èrè nìkan ni ẹ̀bùn ti ń jáde. Oníṣámpù kò bá wa dín tiẹ̀ kù.

Wọ́n á ní, "Ṣebí káàdì yẹn ló mú un padà wá?" Mo yẹ ìwé wò. Nínú àwọn méjìlá àkọ́kọ́ tí káàdì wọn kún, mẹ́sàn-án ti ń wá lóṣooṣù kí káàdì tó dé. A san owó fún wọn kí wọ́n lè ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí onídìrí kọ ọjọ́ tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ ètò kankan. Bí àlàfo àárín wíwá méjì kò bá kúrú sí i lẹ́yìn náà, ètò yẹn kò ṣiṣẹ́, bó ti wù kí ṣọ́ọ̀bù kún tó.

Kí ni ká wá ṣe? Ká fún oníbàárà ní ohun tó níyì lójú rẹ̀, àmọ́ tí kò ná wa lówó púpọ̀. Sítímà, ìyẹn ìdérí olóoru tí wọ́n ń dé sórí irun tí wọ́n ti fi kọndíṣọ́nà pa, ₦1,500 ni wọ́n ń gbà lé e lórí. Ohun tó ń ná wa kò ju ₦500 lọ. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín oṣù márùn-ún ni yóò gbà á, nígbà tó bá ń sanwó irun ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún rẹ̀. Dípò ₦8,000, ₦7,500 kù sí wa lọ́wọ́. Bí ètò náà bá mú kí oníbàárà kan ṣoṣo wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ₦1,600 tó mú wá ti san owó ẹ̀bùn ènìyàn mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú nìkan ni kí wọ́n máa gbà á, nígbà tí àga ṣófo. Ẹ̀bùn Ọjọ́ Àbámẹ́ta ń gba àga lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ sanwó. Kí ó má sì sí nínú oṣù Kejìlá, nítorí pé gbogbo káàdì tó kún jẹ́ gbèsè, ọdún Kérésì sì ni gbogbo ẹni tí a jẹ ní gbèsè máa ń rántí. Kí wọ́n kọ gbogbo èyí sára káàdì láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà di ìjà. Onídìrí fúnra rẹ̀ ni kó máa lu òǹtẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, àwọn ọmọṣẹ́ ti ń lù ú fún ọ̀rẹ́ wọn tí kò dirí.

Mo gbà pé àwọn kan yóò bínú lọ sí ibi tí ọ̀fẹ́ wà. Kí wọ́n máa lọ. Ẹni tí ọ̀fẹ́ mú wá, ọ̀fẹ́ ẹlòmíràn ni yóò mú un lọ. Àwọn àgbà ní a kì í tìtorí pé a fẹ́ jẹ ẹran ká máa pe màlúù ní bọ̀dá. Kí onídìrí ṣìkẹ́ oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mọ iye tó ń kù sí i lọ́wọ́ lórí orí kan.