"Tún Un Ṣe" Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Ìtọ́nisọ́nà Aṣọ́ Òru

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó kan àwa tí a ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ní àkójọ oríkì tí a gbà sílẹ̀, ó wà nínú dísìkì kan tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ní agogo kan òru, ètò tí à ń pè ní `rsync` máa ń da àkójọ náà kọ sí kọ̀ǹpútà kejì, kí méjèèjì lè bára mu. A fi `--delete` kún àṣẹ náà: ohunkóhun tí kò bá sí ní orísun mọ́, kí ó pa á rẹ́ níbi ìpamọ́ pẹ̀lú.

Lóru ọjọ́ kan, iná lọ. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà jí, ṣùgbọ́n dísìkì kò so mọ́ ọn padà. Iṣẹ́ òru kùnà, ó fi nọ́ńbà 23 sílẹ̀, ó ní òun kò rí àpò fáìlì `/ohun/oriki`. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìṣọ́ òru kàn ṣí ìwé ìtọ́nisọ́nà. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: "Bí iṣẹ́ bá kùnà, tún un ṣe." Ó dá àpò fáìlì tí wọ́n ní kò sí náà sílẹ̀, ó tún iṣẹ́ ṣe, ó rí nọ́ńbà 0, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò sí àṣìṣe, ó sì lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibi ìpamọ́ ti ṣófo. `rsync` kò ṣìṣe o. Orísun tí wọ́n fi hàn án ṣófo, ó sì mú ibi ìpamọ́ bá a dọ́gba. Àṣìṣe 23 tí ó ń yọ wá lẹ́nu ni ó ti ń dáàbò bò wá látẹ̀yìnwá, nítorí ètò náà kì í pa nǹkan rẹ́ nígbà tí kò bá rí orísun kà. Ọpẹ́ ni pé dísìkì wà láìfarapa. Ṣùgbọ́n títí tí a fi da gbogbo rẹ̀ kọ padà, ẹ̀dà kan ṣoṣo la ní.

Èmi kò dá ọmọ náà lẹ́bi. Ìwé ni mo dá lẹ́bi. Ẹni tí a jí lójú oorun kò lè máa ronú ohun tí ẹni tí ó kọ ìwé kò rò lọ́sàn-án. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwé ni ó yẹ kí ó jẹ́ ojú rẹ̀.

Ní tèmi, wíwò ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ṣé dísìkì wà níbẹ̀ lóòótọ́? Bí a bá tún un ṣe, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?

```
mountpoint /ohun
rsync -ani --delete /ohun/oriki/ ipamo:/ohun/oriki/
```

Bí ìlà kìíní kò bá dáhùn pé `/ohun is a mountpoint`, kí ó dúró, kí ó so dísìkì náà padà. Kò gbọdọ̀ dá àpò kankan sílẹ̀. Nínú ìlà kejì, lẹ́tà `n` sọ ọ́ di ìdánrawò: ètò náà yóò sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, kò ní ṣe é. Bí `*deleting` bá pọ̀ ju ohun tí a mọ̀ pé a yọ kúrò lọ́jọ́ náà, kí ó pe ọ̀gá rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, kí ó yọ `n` kúrò, kí ó sì tún iṣẹ́ ṣe. Kò sí ìbẹ̀rù àdàkọ onílọ́po, nítorí fáìlì tí ìwọ̀n àti àkókò rẹ̀ bá dọ́gba, `rsync` yóò fò ó.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò:

```
rsync -anci --delete /ohun/oriki/ ipamo:/ohun/oriki/
```

Lẹ́tà `c` ni kí ó ka inú fáìlì kọ̀ọ̀kan tán níhà méjèèjì, kí ó má gbára lé ìwọ̀n àti àkókò nìkan. Ó máa ń pẹ́ bí àkójọ bá tóbi. Bí kò bá kọ ohunkóhun jáde, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 0, méjèèjì bára mu.

Ṣùgbọ́n bíbára mu kọ́ ni pípé. Òfìfo méjì náà bára mu. Nítorí náà, ìlà tí ó kẹ́yìn ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí: kí ó ka iye fáìlì tí ó wà níbi ìpamọ́, kí ó fi wé iye ti àná, kí ó sì ṣí ọ̀kan, kí ó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ohùn àgbà náà dé òpin. Ìgbà náà ni kí ó tó padà lọ sùn.