Páúdà Tán, Sódà Ló Kù: Kí Ni Kí Oníbọ́ọ̀nsì Ṣe?

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi òòbẹ̀ dípò àdán, ó yẹ kó mọ ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Ọ̀rọ̀ béékìn páúdà àti béékìn sódà nìyẹn. Méjèèjì funfun, méjèèjì kúnná, ìsọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń tà wọ́n, inú ọ̀rá pénpé ni wọ́n sì ń di wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ fùláwà ló ti bọ́ sí ààtàn nítorí pé ẹni tó pò ó rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ayétẹ̀, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá. Ká ní obìnrin kan ń dín bọ́ọ̀nsì tà fún àwọn ọmọ iléèwé níbẹ̀. Ilẹ̀ ti ń mọ́, fùláwà wà nílẹ̀, iná ti ń jó, ìgbà náà ló wá rí i pé páúdà òun ti tán. Ó sáré dé ìsọ̀ ìyá tó ń ta èlò ọbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá béékìn páúdà."

"Káàárọ̀ o, ìyàwó. Páúdà ti tán láti àná, àfi sódà. Ìwọ ṣáà gbà á, ṣebí ọ̀kan náà ni wọ́n."

Bí oníbọ́ọ̀nsì bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, tó wá bu ṣíbí sódà mẹ́rin síbi tó ti máa ń bu ṣíbí páúdà mẹ́rin, ọjà ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Bọ́ọ̀nsì náà á pọ́n dúdú kí inú rẹ̀ tó jinná, á máa rùn bí ọṣẹ, á sì korò lẹ́nu. Ọmọ tó bá gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá rà á lọ́la. Bẹ́ẹ̀ kò sídìí tó fi yẹ kó gun ọ̀kadà lọ sí Igbó-Ọrà nítorí páúdà. Sódà ọwọ́ rẹ̀ tó iṣẹ́ náà í ṣe, bó bá mọ ìwọ̀n tí yóò bù àti ohun tí yóò fi kún un.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Sódà nìkan ló wà nínú béékìn sódà. Bí sódà bá pàdé ohun tó kan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí wàrà kíkan, yóò hó yìì, atẹ́gùn yóò sì jáde nínú rẹ̀. Atẹ́gùn yìí ló ń gbé fùláwà sókè tí inú bọ́ọ̀nsì fi ń fúyẹ́. Bí sódà kò bá rí ohun kíkan kankan bá pàdé, ooru iná nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Yóò gbé e díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa ṣẹ́ kù sínú bọ́ọ̀nsì jẹ́ irú sódà tí wọ́n fi ń fọ aṣọ. Ibẹ̀ ni òórùn ọṣẹ yẹn ti ń wá.

Béékìn páúdà ní tirẹ̀, sódà wà nínú rẹ̀, ohun kíkan tó ti gbẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tún fi ìyẹ̀fun bí àgbàdo sí i kó má baà tutù. Ó ti gbé ọkọ àti ìyàwó pọ̀ sínú agolo kan, omi àti ooru nìkan ló ń dúró dè. Ọkùnrin apòògùn kan ní ìlú Báàmíńgámù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Áfúrẹ́ẹ̀dì Bọ́ọ̀dì, ló ṣe irú páúdà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1843, nítorí pé yíìsì kò bá ìyàwó rẹ̀ lára mu, kò sì lè jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi yíìsì ṣe.

Nítorí pé àwọn nǹkan mìíràn wà nínú páúdà, sódà inú rẹ̀ kò pọ̀. Kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Òun ló fi jẹ́ pé sódà lágbára ju páúdà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá di ìyẹn mú kò ní ṣìnà: ibi tí páúdà ṣíbí 1 bá wà, sódà ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí náà ni kó bù, kó sì wá ohun kíkan fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá pò ó. Oníbọ́ọ̀nsì wa máa ń lo fùláwà ife 4, tó jẹ́ bí ìlàjì kílò, ẹyin 2, bọ́tà àti ṣúgà bó ti máa ń ṣe é, omi ife 1, àti páúdà ṣíbí ìpotíì 4. Páúdà 4 yẹn, sódà ṣíbí ìpotíì 1 péré ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Kó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ orí ṣíbí náà kó dọ́gba, nítorí sódà tó bá ga lórí ṣíbí lè tó ìlọ́po méjì. Kó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó tó ṣíbí ìjẹun 4. Ọsàn 2 sí 3 tó lómi dáadáa á kájú ẹ̀. Ṣíbí ìjẹun 4 yìí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ife, nítorí náà kó yọ ìwọ̀n yẹn kúrò nínú omi tó máa ń lò. Dípò omi ife 1, ife kan ó dín ìdá mẹ́rin ni yóò bù. Bí kò bá yọ ọ́, fùláwà á ṣàn jù, kò sì ní ṣe é gé sínú epo. Ẹ̀rù kíkan kó má bà á, nítorí sódà á ti pa kíkan ọsàn náà kí bọ́ọ̀nsì tó dé ẹnu.

Bí Fúlàní oníwàrà bá ti kọjá, tó sì ní wàrà kíkan tó ń ṣàn lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́nò, ìyẹn náà wúlò. Wàrà kíkan ife 1 lè gba sódà ìlàjì ṣíbí ìpotíì. Ìlàjì tó kù, omi ọsàn ṣíbí ìjẹun 2 yóò gbà á. Wàrà yìí ti dípò omi nìyẹn, kò sídìí láti tún bu omi sí i. Ṣùgbọ́n kó tọ́ ọ wò ná. Bí wọ́n bá ti bu omi lu wàrà náà débi pé kò kan mọ́, agbára rẹ̀ ti dín kù, kó yáa fi ọsàn ṣe gbogbo rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí sódà fi yàtọ̀, ìyẹn ni ìkánjú rẹ̀. Páúdà lè ní sùúrù díẹ̀. Ó máa ń ṣe díẹ̀ nígbà tí omi bá kàn án, ó sì tún máa ń ṣe ìyókù nígbà tí ooru bá dé. Sódà òun kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀: bí omi ọsàn bá ti kàn án báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí hó nìyẹn, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń sá lọ. Nítorí náà, kó jọ́ sódà pọ̀ mọ́ fùláwà ní gbígbẹ kó dọ́gba. Kó po omi ọsàn mọ́ omi lọ́tọ̀. Kó jẹ́ kí epo gbóná ná, kó tó da omi náà sínú fùláwà, kó wá pò ó wéréwéré, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí gé e sínú epo lójú ẹsẹ̀. Bí fùláwà bá pọ̀ ju èyí tí agbada lè gbà lọ, kó pín in sí méjì, kó má sì bu omi sí ìkejì títí dìgbà tí ìkíní yóò fi jáde nínú epo.

Kó dín ẹyọ kan ṣoṣo wò ṣáájú, kó sì là á. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí omi tíì, tó ń rùn bí ọṣẹ, sódà ti pọ̀ ju ohun kíkan lọ. Omi ọsàn díẹ̀ sí i lè tún un ṣe bí àṣìṣe náà kò bá tíì pọ̀. Bí ó bá kan lẹ́nu tó sì wúwo, ohun kíkan ló pọ̀ jù. Bí ó bá wú gan-an tó tún wá rọ̀ wọlé, ohun tó ń gbé e sókè ló pọ̀ jù.

Ó tún lè jẹ́ sódà ló tán tí páúdà sì kù. Ká ní ẹnì kan fẹ́ ṣe kéèkì onífùláwà ife 2, tó máa ń fi sódà ìlàjì ṣíbí ìpotíì àti wàrà kíkan ife 1 ṣe é. Páúdà ìlọ́po mẹ́ta ni kó bù, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan àti ààbọ̀. Ó lè lọ títí dé 2, ṣùgbọ́n kó má kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí páúdà tó pọ̀ jù máa ń korò. Kó fi mílíìkì tí kò kan dípò wàrà kíkan náà, nítorí páúdà ti ní ohun kíkan tirẹ̀ nínú. Bí ó bá tún fi wàrà kíkan sí i, kéèkì á kan lẹ́nu. Kó dín iyọ̀ kù díẹ̀, kó sì mọ̀ pé àwọ̀ kéèkì náà kò ní pọ́n tó ti sódà.

Ibì kan wà tí páúdà kò ti lè rọ́pò sódà rárá, ibẹ̀ náà sì ni ìkòkò ẹ̀wà. Ẹni tó ń fi sódà sè ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀ kò lè fi páúdà ṣe é, torí ohun kíkan inú páúdà ti pa agbára sódà tó ń mú ẹ̀wà rọ̀. Káún ló lè ṣe ìyẹn, nítorí ìbátan sódà ni káún. Ṣùgbọ́n kí oníbọ́ọ̀nsì má torí ìyẹn bu káún sínú fùláwà. Káún le ju béékìn sódà lọ, ó máa ń ní ìdọ̀tí nínú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìwọ̀n rẹ̀.

Èwo wá ni ti ọ̀rá funfun tí kò sí orúkọ lára rẹ̀? Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni yóò sọ ọ́. Kí a bu ìlàjì ṣíbí rẹ̀ sínú omi náà nínú ife. Bí ó bá hó yìì, páúdà tó ṣì lágbára ni. Bí kò bá hó, kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá wá hó gan-an nígbà yẹn, sódà ni. Bí kò bá hó fún omi, tí kò sì hó fún ọsàn, kí ẹni tó rà á dá a padà fún ẹni tó tà á, kí fùláwà má baà tẹ̀ lé e.