Ìròyìn ló ń yan ohun tí a ń rò

Ní ọdún 1968, olùkọ́ méjì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Maxwell McCombs àti Donald Shaw, bi 100 olùdìbò nílùú Chapel Hill léèrè pé ọ̀rọ̀ ìlú wo ló ká wọn lára jù. Wọ́n wá yẹ ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣàn tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn wò. Ohun tí ìròyìn ń tẹnu mọ́ jù náà ni wọ́n kà sí pàtàkì jù. Ìròyìn lè má yí ọkàn ẹni padà, ṣùgbọ́n òun ló ń yan ohun tí a ó máa rò.

Ẹ wo Ìmẹ̀kọ, lẹ́bàá ibodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè. Ìrẹsì àti fàyàwọ́ ni ìròyìn ń sọ ṣáá, òun náà ni wọ́n ń jiyàn lé lórí l'Ékòó. Ní oṣù kọkànlá, àwọn aṣọ́bodè ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tí kò jìnnà tó kìlómítà 20 sí ibodè mọ́. Ọlọ́kadà Ìmẹ̀kọ kò nílò ìwé ìròyìn kó tó mọ ìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ bó ṣe rí. Ibẹ̀ ni agbára ìròyìn pin sí.

Ṣùgbọ́n ará Èkó kò lè mọ̀ ọ́n bí ìròyìn kò bá sọ, ohun tí kò sì mọ̀, kò ní bi olóṣèlú léèrè. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa akọ̀ròyìn máa dé ibodè fúnra wa. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ka ìròyìn tán, ẹ tún béèrè ohun tí a fi sílẹ̀.