Bí Wọ́n Bá Ní "Ẹ Kú Òjò", Ẹ Dáhùn

Bí òjò bá rọ̀ láti ìdájí, ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pàdé á ní, "Ẹ kú òjò o." Ọ̀pọ̀ nínú wa á kàn mirí. Àwọn mìíràn á ní, "Dáadáa ni." Ìyẹn kọ́ ni èsì rẹ̀. Kò béèrè àlàáfíà yín. Ohun tó ń wí ni pé òjò tó rọ̀ sórí òun ló rọ̀ sórí yín, òun sì mọ̀ pé kò rọrùn láti jáde nínú rẹ̀. Ẹ dá a padà fún un: "Òo, ẹ kú òjò náà o." Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi àdúrà kún un pé kí òjò náà tù wá lára. Ó parí.

Kí ló dé tí ìkíni wa fi ń tẹ̀ lé ojú ọjọ́ báyìí? Ẹ wo ilẹ̀ wa. Ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, á dẹwọ́ díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á tún padà, á sì tán ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ ni àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo. Bó bá pẹ́ kó tó dé, àgbàdo á pẹ́, owó rẹ̀ á sì gòkè lọ́jà. Àgbẹ̀ nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ náà kàn, torí náà ni gbogbo ìlú ṣe ń fi í kíra wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí "ẹ kú òjò" kan náà lè jẹ́ ìkíni ayọ̀, ó sì lè jẹ́ ìbánikẹ́dùn. Ẹ jẹ́ ká mú àgbẹ̀ kòkó kan. Nígbà tí ọ̀dá ti mú ewé rọ, tí òjò wá rọ̀ lálẹ́, ẹ ó rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ ẹ bá kí i. Ẹ bá a yọ̀, ẹ bi í pé kí ló kù tó fẹ́ gbìn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá, kòkó rẹ̀ wà lórí ẹní níta. Ó fẹ́ oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbẹ, bí òjò bá sì ń pa á lemọ́lemọ́, á bu, àwọn tó ń rà á ò sì ní san owó gidi lé e. Bí ọkùnrin yìí bá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dáhùn ìkíni yín, ẹ má fi ẹ̀rín gbà á. Ẹ bi í léèrè kòkó rẹ̀, ẹ bá a gbé ẹní náà wọlé bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ìjì bá sì ti ká òrùlé ẹni, "ẹ kú òjò" ti kéré jù. "Ẹ kú ewu" la ń wí nígbà náà.

Nígbà tí òjò bá lọ tán, ìkíni á yí padà. Ní bí oṣù Kejìlá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á máa fẹ́ láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà wá, eruku á bo ojú ọ̀run, ètè á máa la, àwọn èèyàn á máa wá òrí fi para. A ó ní, "Ẹ kú ọyẹ́." Ooru ló máa ń tẹ̀ lé e: "Ẹ kú ooru o." Bí òtútù bá mú nígbà òjò, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn" ni. Gbogbo wọn ni wọ́n ń gba èsì bákan náà: ẹ dá ohun tí wọ́n fi kí yín padà.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà. Àgbà lè sọ fún ọmọdé pé, "Kú òjò o," ṣùgbọ́n kí ọmọ má ṣe ní "Òo" fún àgbà. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó wí pé, "Ẹ ṣé mà, ẹ kú òjò." Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá tètè kí wọn kí wọ́n tó kí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ kàn yín gan-an. Ojú ọjọ́ ẹni tí à ń kí là ń kí i fún, kì í ṣe tiwa. Bí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá pe ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn nínú oṣù Kejì, kó má ṣe ní "Ẹ kú òtútù." Ìyá náà á bi í pé òtútù wo nìyẹn, nígbà tí òun jókòó sẹ́nu ọ̀nà tóun ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara. "Ẹ kú ooru, mà," ni kó wí. Ìyá á ní, "Òo, ọmọ mi, kú òtútù o. Ṣé o wọ ìbọ̀sẹ̀?"