Owó àpò ara ẹni kì í ṣe ọ̀fẹ́ nínú okòwò

Èlé báńkì nìkan ni ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ ní Nàìjíríà ń kà sí ìnáwó. Owó tí wọ́n mú látinú àpò ara wọn, ọ̀fẹ́ ni lójú wọn. Èmi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká ní iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan fẹ́ fi mílíọ̀nù 100 náírà ra ẹ̀rọ. Ó yá mílíọ̀nù 40 ní èlé 30%, èlé ọdún kan sì jẹ́ mílíọ̀nù 12. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ èlé kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí 30% tí iléeṣẹ́ ńlá ń san lórí èrè, nítorí náà owó orí rẹ̀ dín ní mílíọ̀nù 3.6. Mílíọ̀nù 8.4, ìyẹn 21%, ni gbèsè náà ná an gan-an.

Àwọn onípìn-ín ló mú mílíọ̀nù 60 yòókù wá. Bí nǹkan bá bàjẹ́, báńkì ló máa kọ́kọ́ gba tirẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè ju báńkì lọ. Ká fi sí 35%: mílíọ̀nù 21 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29.4%.

Bí ẹ̀rọ náà bá ń mú 25% wọlé lẹ́yìn owó orí, ẹni tó ń wo 21% á máa jó. Mílíọ̀nù 4.4 ló sì dín lọ́dọọdún, lára àwọn onípìn-ín.

Iléeṣẹ́ kékeré tí òfin yọ̀ǹda kúrò nínú owó orí yìí kò tilẹ̀ ní ẹ̀dínwó kankan lórí èlé. Tirẹ̀ á di 33%.