Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ṣé ó tiẹ̀ ń rí i?

Ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, ó gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ lọ́fù láńgúwéèjì tí gbogbo wa ń gbé kiri ni mo fẹ́ sọ. Láyé ìsìnyí, tí ọkùnrin àti obìnrin bá ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n á ti bi ara wọn pé, "Kí ni èdè ìfẹ́ tìẹ?" Ọ̀kan á ní ẹ̀bùn ni, èkejì á ní ìfọwọ́kàn ni, ó parí. Wọ́n ti mọ ara wọn nìyẹn o!

Mi ò ní kẹ́ ẹ má béèrè. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdáhùn yẹn kéré púpọ̀. Ẹ lè mọ "èdè" ẹnì kan, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ láràárọ̀, kó má sì gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tó ti wá. Gary Chapman, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní North Carolina lókè òkun, ló gbé ìwé náà jáde lọ́dún 1992. Ó máa ń gba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn, ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu wọn ló sì pín sí márùn-ún: ọ̀rọ̀ ìwúrí, àkókò tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹni, ẹ̀bùn, iṣẹ́ tí a bá ẹni ṣe, àti ìfọwọ́kàn. Ó ní olúkúlùkù ló ní ọ̀kan tó ju mẹ́rin yòókù lọ, pé tí ẹnì kejì bá ti lè máa sọ ọ̀kan yẹn, ìfẹ́ á máa kún inú ẹni bí omi ṣe ń kún táǹkì.

Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Kánádà, Emily Impett, Haesang Gideon Park àti Amy Muise, kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n wò ó bóyá ọ̀rọ̀ yẹn dúró. Kò dúró dáadáa. Tí wọ́n bá ní kí ènìyàn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú márààrún ní máàkì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń fún gbogbo wọn ní máàkì tó ga. Wọn ò sì rí ẹ̀rí tó lágbára pé àwọn tó bá "èdè" ara wọn mu ń gbádùn ara wọn ju àwọn yòókù lọ.

Kí ló wá dé tí ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn fi ń fún gbogbo wa ní ọ̀kan? Bí wọ́n ṣe to ìbéèrè rẹ̀ ni. Gbólóhùn méjì ni, mú ọ̀kan. Ṣé kí ó dì mọ́ ẹ ni àbí kí ó bá ẹ fọ abọ́? Ẹ gbà mí! Tí mo bá fẹ́ méjèèjì ńkọ́? Ìdánwò náà ò ní àyè fún ìyẹn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Àwọn onímọ̀ yẹn ní kàkà ká fi ìfẹ́ wé èdè, oúnjẹ aṣaralóore ló yẹ ká fi wé, pé gbogbo rẹ̀ la nílò. Èyí yé mi kíákíá nítorí àwọn èèyàn wa ní Iléṣà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà lè fẹ́ràn iyán títí, kò sọ pé kẹ́ ẹ máa gbé e wá láìsí ọbẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Chapman tó jẹ́ òótọ́: ohun tí mo fi ránṣẹ́ lè má jẹ́ ohun tí ìwọ gbà. Àwọn baba ńlá wa ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ẹ rántí àrokò. Ọmọkùnrin á fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin: ẹ̀fà, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Tí ọmọbìnrin náà bá gbà, ó lè dá mẹ́jọ padà: ẹ̀jọ, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Iṣẹ́ tí wọ́n rán yẹn jẹ́ nítorí pé àwọn méjèèjì mọ ohun tí mẹ́fà àti mẹ́jọ túmọ̀ sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn rí owó ẹyọ, á fi sápò.

Ẹ wo ọ̀rẹ́ mi kan báyìí. Ó ń ránṣọ ní Òṣogbo, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jẹ́ tíṣà ní Iléṣà, ó máa ń wá ní ọjọ́ Jímọ̀, á padà ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n jọ ṣe ìdánwò yẹn. Tirẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ìwúrí jáde, ti bọ̀ọ̀dá gbé iṣẹ́ jáde. Inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn ti mọ ìṣòro àwọn.

Bọ̀ọ̀dá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ìwúrí ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù láràárọ̀. Ayaba mi, òdòdó inú ọgbà mi, ìmọ́lẹ̀ ojú mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀rẹ́ mi ti mọ̀ pé ibì kan ló ti ń dà á kọ, kò tiẹ̀ kà á tán mọ́. Ọ̀rọ̀ ìwúrí ni lóòótọ́, ìdánwò ò purọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún obìnrin yòówù ni, kò sí òun fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, bọ̀ọ̀dá yìí kan náà ti ń ṣe nǹkan kan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí ọ̀rẹ́ mi tó jí, á ti lọ ra epo bẹntiróòlù, á yẹ ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù wò, á nu púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀. Ó kàn rò pé jẹnẹrétọ̀ òun lágbára ni! Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà tí èèyàn ń sùn, tí ẹnikẹ́ni ò sọ, báwo ló ṣe fẹ́ rí i?

Ohun tó wá wọ̀ ọ́ lára kò sí nínú ìdánwò kankan. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bọ̀ọ̀dá sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó pe oríkì rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì béèrè pé, "Ìyá tó kó aṣọ ẹbí wá lọ́sẹ̀ yẹn, ṣé ó ti san owó tó kù?" Ọ̀rẹ́ mi fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sọ̀rọ̀ òdòdó inú ọgbà o. Ìyá aṣọ ẹbí ló ń sọ. "Ó rántí!" Ó sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́ta.

Ibẹ̀ gan-an ni kókó wà fún mi. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ìfẹ́ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tó ń mú kí èèyàn gbà pé wọ́n fẹ́ràn òun ni pé kó rí i pé ẹnì kejì yé òun, pé ó ka ọ̀rọ̀ òun sí, pé ire òun jẹ ẹ́ lógún. Ìbéèrè kan nípa gbèsè aṣọ ẹbí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú. Ọ̀rọ̀ àdàkọ kò ní ẹyọ kan. Àwọn méjèèjì sì wà lábẹ́ "ọ̀rọ̀" o.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ti ẹni tiyín? Ẹ má bi í pé kí ni èdè rẹ̀, ohun tó gbọ́ lórí Tíktọ́ọ̀kù ló máa sọ fún yín. Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣọ́ ọ. Kí ló mẹ́nu bà láìjẹ́ pé ẹ béèrè? Kí ló sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ pé ẹ ṣe fóun? Ohun tí èèyàn bá ròyìn fún ẹlòmíì ti wọlé sí i lára nìyẹn. Tí "ẹ ṣeun" bá jáde lẹ́nu lásán, tí kò sì tún mẹ́nu bà á mọ́, ó lè jẹ́ ọmọlúwàbí ló ń ṣe.

Ẹ tún gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ dáadáa. Obìnrin tó ń sọ pé, "O ò tiẹ̀ béèrè bí mo ṣe débẹ̀" ti sọ ohun tó ń fẹ́, kedere. Lẹ́yìn náà ẹ lè wá béèrè, àmọ́ kí ìbéèrè náà ní ọjọ́ àti ibi: "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbà wo lo rò ó pé mo rò ẹ́ gan-an?" Tí kò bá rántí ọ̀kan, tí ẹ̀yin sì lè ka mẹ́wàá, ẹ má bínú. Nínú mẹ́wàá yẹn, ẹ mú méjì kẹ́ ẹ jẹ́ kó hàn. Bọ̀ọ̀dá kò yí iṣẹ́ Sátidé rẹ̀ padà. Ó kàn ń sọ ọ́ báyìí pé, "Mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀rọ ẹ, kó má baà kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdáná tó ń bọ̀." Kì í ṣe ìṣefọ́nńté. Ìyàwó ń rí i pé ó mọ̀ pé ìdáná ń bọ̀.

Àwọn nǹkan kan tiẹ̀ wà tí márùn-ún yẹn kò mẹ́nu bà, tó sì tóbi lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin tó yà kí ìyá yín lójú ọ̀nà nígbà tí ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ kẹ́ ẹ lọ ṣe másításì yín láìmú yín bíi ẹni tó fẹ́ sá lọ. Àwọn onímọ̀ Kánádà yẹn náà sọ ọ́, pé ṣíṣe àtìlẹ́yìn fún àfojúsùn ẹnì kejì kò sí nínú àkọsílẹ̀ Chapman.

Ibi tó wá ń bí mi nínú rèé. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ohun ìjà. "Ẹ̀bùn ni èdè ìfẹ́ mi" ti di ìwé gbèsè. "Èmi kì í ṣe ọlọ́rọ̀ púpọ̀" ti di àwáwí ẹni tí kò fẹ́ tọrọ àforíjì. Ìfọwọ́kàn ló wá burú jù. Nínú ìwé Chapman fúnra rẹ̀, obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe níṣekúṣe, tí ó ní ó ń ṣòro fóun láti súnmọ́ ọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìmọ̀ràn tó gbà ni pé kó fi oṣù mẹ́fà sọ èdè ọkọ náà, ìfọwọ́kàn sì wà níbẹ̀, ìbálòpọ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní ó ṣiṣẹ́. Èmi ò lè gba ọ̀rẹ́ mi kankan nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ìyàwó ilé ni o, àfẹ́sọ́nà ni o.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé ìfọwọ́kàn ni èdè òun, sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ó ti rẹ̀ ẹ́, o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ẹ́ lónìí, tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí lára ẹ nìyẹn. Kó o wá wo ojú rẹ̀, kó o wò ó bóyá á bi ẹ́ pé kí ló rẹ̀ ẹ́, àbí á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé Chapman fún ẹ.