Mílíọ̀nù kan ti ọdún mẹ́ta kì í ṣe mílíọ̀nù kan ti òní

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníṣòwò kan láti Bassila fẹ́ ra oko kajú bàbá kan ní Manigri. Ó ní: "Bàbá, ẹ gba 700,000 sẹ́fà lónìí, tàbí kí ẹ ní sùúrù, kí n san mílíọ̀nù kan lẹ́yìn ọdún mẹ́ta." Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré mú mílíọ̀nù náà. Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láìtíì mọ iye tí ìlérí náà tó lónìí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí 100 sẹ́fà bá ń mú 15 wọlé lọ́dún, 115 ni yóò dà lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, 115 tí wọ́n ṣèlérí fún ọdún tó ń bọ̀ kò ju 100 lọ lónìí. Ìdá 15 yìí ni ìdá ẹ̀dínkù. Láti mú owó ọ̀la padà sí òní, 1.15 la ó fi pín in, lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: mílíọ̀nù kan á di 869,565, lẹ́yìn náà 756,144, lẹ́yìn náà 657,516. Èyí kò tó 700,000, nítorí náà owó òní ló dára jù.

Àwọn kan á ní 15 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 45, wọ́n á wá yọ 450,000 kúrò. Àṣìṣe ni, torí pé orí owó tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan la ti ń ṣírò 15 náà, kì í ṣe orí mílíọ̀nù kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ìṣirò yín pé, ẹ fi 1.15 sọ 657,516 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó padà bá mílíọ̀nù kan.

Ìdá wo ló wá yẹ ká lò? Ohun tí owó náà máa ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń tà ni ká wò. Bó bá jẹ́ inú àpótí ìfowópamọ́ ní báńkì tó ń fúnni ní 3.5 lọ́dún ló ń lọ, ìlérí náà tó 901,943 lónìí, ó sì yẹ kéèyàn dúró. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà tó jẹ gbèsè ilé ayánilówó kékeré ní èlé 24 lọ́dún, 524,487 péré ni ìlérí yẹn jẹ́ fún un. Kó gba owó rẹ̀, kó fi san gbèsè. Nínú àdéhùn yìí, nǹkan bí 12.6 ni ààlà: bí ìdá tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gba owó òní.

Gbogbo èyí dúró lórí pé olùrà yóò san án lọ́jọ́ tó dá. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dá yín lójú, ẹ fi kún ìdá náà kí ẹ tó ṣírò. Ṣùgbọ́n kò sí ìdá tó lè gba owó padà lọ́wọ́ ẹni tó sá lọ. Nítorí náà, ìwé àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìlérí èyíkéyìí.